Oṣù Wo Ni Owó Kò Ní Tó? Ìwé Àròtẹ́lẹ̀ Owó fún Ẹgbẹ́ Ahunṣọ Tí Owó Rẹ̀ Ń Wọlé Ní Ìdákúrekú

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ahunṣọ òkè àti àwọn akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìsẹ́yìn

Mo mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí ẹ fi wà níbí ni òfì yín fi dúró, nítorí náà ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá.

Ìbéèrè náà nìyí: ẹgbẹ́ tí wọn kì í san owó fún lóṣooṣù, tó jẹ́ pé ìdajì á wọlé lónìí, ìyókù á di ìgbà tí wọ́n bá wá kó aṣọ, báwo ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè mọ̀, láti oṣù mélòó kan ṣáájú, oṣù tí owó kò ní tó?

Ìdáhùn mi kò gùn. Kí akápò tó kọ iye owó tó ń retí sílẹ̀, kí ó kọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí owó náà tó wá. Bí ìwé náà bá sì parí, kí ó má wo àpapọ̀ ọdún, oṣù tí owó ti kéré jù ni kí ó wò. Gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ mi, àlàyé lórí gbólóhùn wọ̀nyí ni.

1. Owó wo ni à ń sọ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, nítorí ibi tí ìwé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń dàrú nìyí. Nǹkan mẹ́ta ni a máa ń pè ní owó nídìí iṣẹ́ wa, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni iye iṣẹ́, ìyẹn iye tí àwa àti oníbàárà jọ fẹnu kò sí. Ìkejì ni owó tí wọ́n jẹ wá: a ti hun aṣọ, wọ́n ti kó o lọ, àmọ́ wọn kò tíì san tán. Ìkẹta ni owó ọwọ́, èyí tó wà nínú àpótí ẹgbẹ́ tàbí ní báńkì, tí a lè fi ra òwú ní àárọ̀ ọ̀la.

Ìwé tí mo ń pè ní àròtẹ́lẹ̀ owó, ìkẹta yìí nìkan ló ń kọ. Ìlà mẹ́rin péré ló ní fún oṣù kọ̀ọ̀kan: owó tó wà nílẹ̀ nígbà tí oṣù bẹ̀rẹ̀, owó tí yóò wọlé nínú oṣù náà, owó tí yóò jáde, àti owó tí yóò kù. Èyí tó kù ní ìparí oṣù kan ló ń di èyí tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń so kọ́ra nìyẹn títí oṣù mẹ́fà tàbí méjìlá yóò fi pé.

Ìwé yìí kò sọ bóyá ẹ jèrè. Ẹgbẹ́ lè jèrè gidi lórí gbogbo aṣọ tó hun lọ́dún kan, kí ó má sì rí owó ra òwú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà gan-an. Ẹni tó ń ta òwú fún wa kì í gba èrè tí ń bọ̀ lọ́nà, owó ló ń gbà. Ahunṣọ náà kò lè gbé ìwé àdéhùn oníbàárà lọ sọ́jà lọ fi ra ìrẹsì. Owó ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

2. Ìdí tí pípín ọdún sí méjìlá kò fi ṣe é

Àwọn kan á ní: “Mílíọ̀nù mẹ́wàá ló wọlé lésìí. Ẹ pín in sí méjìlá, ohun tí a ó máa retí lóṣù nìyẹn.” Ìṣirò yẹn dára fún ẹni tó ń gba owó oṣù. Fún ahunṣọ, kò sí oṣù kankan tí iye yẹn wọlé rí. Oṣù kan á gba ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, oṣù méjì á tẹ̀ lé e tí ohun tó wọlé kò tó nǹkan. Owó tó ń jáde kì í sì í dúró de èyí tó ń wọlé: òwú ni a kọ́kọ́ ń rà, lẹ́yìn náà ni owó iṣẹ́ àwọn ahunṣọ, ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni àṣẹ́kù owó oníbàárà tó dé. Ohun tí ìṣirò méjìlá náà bò mọ́lẹ̀ ni ohun tí à ń wá gan-an, ìyẹn oṣù tí owó ti kéré jù.

3. Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí owó tó wá

Níbí ni mo ti fẹ́ ká dúró pẹ́ díẹ̀. Tí iṣẹ́ bá wọlé, ẹ má kọ ọ́ sí ìlà kan. Ẹ pín in bí wọ́n ṣe máa san án, kí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Lórí ìlà náà, ẹ kọ iye owó, ẹni tí yóò san án, ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ó tó san, àti iye ọjọ́ tí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ máa ń fi pẹ́ lẹ́yìn tí ohun náà bá ti ṣẹlẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ má béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, inú ìwé rìsíìtì yín ti ọdún méjì sẹ́yìn ló wà. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kó aṣọ, ẹ wo ọjọ́ tí àṣẹ́kù owó dé. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, òun ni òtítọ́ nípa oníbàárà náà. Ìlérí tó ṣe ní ọjọ́ tó mú iṣẹ́ wá, ìrètí ni.

Ẹ jẹ́ ká mú aṣọ ẹbí. Ohun tó ń mú àṣẹ́kù owó aṣọ ẹbí wá ni ọjọ́ ìyàwó, nítorí kò sí ẹbí tó máa jẹ́ kí ọjọ́ náà bá aṣọ lọ́wọ́ wa. Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ ìyàwó gan-an ni owó ń wọlé. Télọ̀ gbọ́dọ̀ gba aṣọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú, nítorí náà àṣẹ́kù owó ìyàwó àárín oṣù kẹwàá, ìparí oṣù kẹsàn-án ni ibi rẹ̀ nínú ìwé. Bí wọ́n bá sún ọjọ́ ìyàwó síwájú, owó náà sún nìyẹn, ẹnikẹ́ni ì báà ti ṣe ìlérí. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká kọ ohun tó ń mú owó wá: tí nǹkan náà bá yẹ̀, a ó tètè mọ̀ pé owó ti yẹ̀, a kò ní dúró di ọjọ́ tí àpótí bá gbẹ.

Ọjọ́ ìyàwó náà ní ohun tó ń darí rẹ̀. Nínú oṣù Ramadan, ìyàwó kì í pọ̀ láàárín àwa Mùsùlùmí. Nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so yìgì. Ìgbà tí méjèèjì bá sì tú ni ayẹyẹ ń rọ́ wọlé. Ọjọ́ wọ̀nyí kì í dúró lójú kan. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí 21 Igbe ní 2023, ó bọ́ sí 10 Igbe ní 2024, ó sì bọ́ sí 30 Ẹrẹ́nà ní 2025. Ìléyá bọ́ sí 28 Òkúdù ní 2023, 16 Òkúdù ní 2024, àti 6 Òkúdù ní 2025. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá padà sẹ́yìn. Ọdún Àjíǹde ní tirẹ̀ kò bá wọn rìn: 31 Ẹrẹ́nà ló jẹ́ ní 2024, 20 Igbe ló sì jẹ́ ní 2025, ó lọ síwájú nígbà tí Ìtúnu Ààwẹ̀ ń padà sẹ́yìn.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe fún akápò tó kàn da ìwé ọdún tó kọjá kọ. Aṣọ Ìléyá 2024 tí wọ́n kó ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún, ìbẹ̀rẹ̀ Òkúdù ni owó rẹ̀ wọlé. Ní 2025, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Ìléyá ti bọ́ sínú Èbìbí. Oníbàárà kan náà, aṣọ kan náà, ìwà kan náà, síbẹ̀ owó ti kúrò nínú oṣù kan bọ́ sínú òmíràn. Òwú tí a fi hun ún náà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ìgbà tí a rà á ní 2024. Ẹni tó kọ “Ìléyá” sórí ìlà owó náà á rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó kọ “oṣù kẹfà” kò ní rí i.

Ohun kan náà ló wà nínú ọjà. Àwọn tó ń kó aṣọ lọ sí ọjà Ọjẹ̀ ní Ìbàdàn mọ̀ pé ọjà ìtàdógún ni. Bí ọjọ́ mẹ́rìndínlógún bá wà láàárín ọjà kan sí òmíràn, nǹkan bí ọjà méjìlélógún tàbí mẹ́tàlélógún ló máa wà nínú ọdún. Ẹni tó bá ń ka ọjà méjì fún oṣù kọ̀ọ̀kan ti ka mẹ́rìnlélógún. Oṣù kan wà tí ọjà ẹyọ kan ṣoṣo máa bọ́ sí, owó ọjà oṣù náà á sì já sí ìdajì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí kò tọ́. Ẹ ka ọjọ́ ọjà sórí kàlẹ́ńdà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

4. Ẹgbẹ́ kan, oṣù mẹ́fà

Ẹ jẹ́ ká fi iye owó sí i. Ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ lò yìí, mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni. A bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Agẹmọ, ìyẹn oṣù keje, títí dé Ọ̀pẹ̀, oṣù kejìlá. ₦300,000 ló wà nílẹ̀. Owó tí kò yẹ̀ lóṣooṣù, bí owó ilé, iná, oúnjẹ àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àti owó akọ̀wé, jẹ́ ₦150,000. Aṣọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó òwú àti owó iṣẹ́ kúrò, ń mú ₦120,000 wọlé lóṣù.

Iṣẹ́ ńlá méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni aṣọ ẹbí kan, ₦1,800,000. Ìdajì rẹ̀, ₦900,000, wọlé ní Agẹmọ, ìdajì kejì á wọlé nígbà tí wọ́n bá kó aṣọ ní ìparí Ọ̀wẹ́wẹ̀, oṣù kẹsàn-án. Òwú rẹ̀ gba ₦720,000 ní Agẹmọ. Owó iṣẹ́ àwọn ahunṣọ jẹ́ ₦540,000, tí a pín sí Ògún àti Ọ̀wẹ́wẹ̀ lọ́gbọọgba.

Ìkejì ni ìborùn aṣọ òkè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, ₦2,400,000. Wọ́n san ₦720,000 sílẹ̀ ní Ọ̀wẹ́wẹ̀, wọ́n ní àwọn á san ₦1,680,000 tó kù ní Ọ̀pẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti kó ọjà fún wọn. Òwú rẹ̀ gba ₦960,000 ní Ọ̀wẹ́wẹ̀, owó iṣẹ́ sì gba ₦360,000 ní Ọ̀wàrà àti ₦360,000 ní Bélú.

Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, báyìí ló ṣe rí:

| Oṣù | Ó wà nílẹ̀ (₦) | Ó wọlé (₦) | Ó jáde (₦) | Ó kù (₦) |
|---|---|---|---|---|
| Agẹmọ | 300,000 | 1,020,000 | 870,000 | 450,000 |
| Ògún | 450,000 | 120,000 | 420,000 | 150,000 |
| Ọ̀wẹ́wẹ̀ | 150,000 | 1,740,000 | 1,380,000 | 510,000 |
| Ọ̀wàrà | 510,000 | 120,000 | 510,000 | 120,000 |
| Bélú | 120,000 | 120,000 | 510,000 | −270,000 |
| Ọ̀pẹ̀ | −270,000 | 1,800,000 | 150,000 | 1,380,000 |

Ẹni tó bá ka ìlà ìsàlẹ̀ nìkan á dúpẹ́: ₦300,000 ti di ₦1,380,000. Ẹni tó bá pín in dọ́gbà á ní ₦820,000 ń wọlé lóṣù, ₦640,000 ló ń jáde, kí ló tún kù? Ẹ wo Bélú. Ní oṣù yẹn, ẹgbẹ́ yìí kò ní lè san owó iṣẹ́ àwọn ahunṣọ rẹ̀ pé, nígbà tí ìborùn tí wọ́n ń hun lọ́wọ́ jẹ́ ti iṣẹ́ tó dára jù lọ́dún náà. ₦270,000 ni a kò ní rí. Agẹmọ ni a sì ti mọ̀, oṣù mẹ́rin gbáko ṣáájú.

5. Ìwé kejì: bí wọ́n bá pẹ́ ńkọ́?

Ìwé àkọ́kọ́ gba gbogbo ènìyàn gbọ́. Nítorí náà ó yẹ kí èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí a ó fi iye àkókò tí wọ́n máa ń fi pẹ́ sún owó kọ̀ọ̀kan síwájú. Owó tó ń jáde, ẹ fi í síbi tó wà, nítorí àwọn tí a jẹ ní gbèsè kì í pẹ́ dé.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìwé rìsíìtì fi hàn pé àwọn ẹbí aláṣọ ẹbí sábà máa ń fi oṣù kan pẹ́, àti pé ilé ẹ̀kọ́ máa ń fi oṣù méjì pẹ́, torí ìwé owó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ akápò wọn. Àṣẹ́kù aṣọ ẹbí, ₦900,000, kúrò ní Ọ̀wẹ́wẹ̀, ó bọ́ sí Ọ̀wàrà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀wẹ́wẹ̀? ₦150,000 ló wà nílẹ̀, ₦840,000 ló wọlé, ₦1,380,000 ló gbọ́dọ̀ jáde. Ó ku gbèsè ₦390,000.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún padà wo ìwé àkọ́kọ́. Ọ̀wẹ́wẹ̀ ni oṣù tí owó ti pọ̀ jù níbẹ̀ kí Ọ̀pẹ̀ tó dé, ₦510,000. Oṣù yẹn kan náà ló wá di èyí tó burú jù nínú ìwé kejì. Kò sí iṣẹ́ tó bàjẹ́, kò sí oníbàárà tó sá lọ. Ìsanwó kan ṣoṣo ló fi oṣù kan pẹ́, ó sì pẹ́ ní oṣù tí a fẹ́ ra òwú iṣẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà Ọ̀wàrà á padà sí ₦120,000, Bélú á jẹ gbèsè ₦270,000 bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ Ọ̀pẹ̀ kò ní gbà wá mọ́, nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ ti di Èrèlé ọdún tuntun. A ó wọ ọdún tuntun pẹ̀lú gbèsè ₦300,000.

Àwọn kan tó mọ ìṣirò dáadáa máa ń dábàá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á ní bí a bá rò pé ó ṣeé ṣe kí owó kan wá, ó sì ṣeé ṣe kí ó má wá, ká kọ ìdajì rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹgbẹ̀rún oníbàárà lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí bí ẹnìkan kò san, ẹlòmíràn á san. Ẹgbẹ́ tó ní ìsanwó ńlá mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ ṣe é. Ìdajì ₦900,000 kò ní wọlé láéláé: yálà kí gbogbo rẹ̀ wá, tàbí kí kọ́bọ̀ má wá. Ìwé tó bá kọ ₦450,000 sí Ọ̀wẹ́wẹ̀ ti kọ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Ìwé méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣẹlẹ̀ ló sàn ju ìwé kan tí kò lè ṣẹlẹ̀ lọ.

6. Ohun tí a ó fi dí ihò náà

Ihò tó ti hàn ní oṣù mélòó kan ṣáájú ṣeé dí láìjẹ́ pé a sáré lọ yá owó èlé. Ibi àkọ́kọ́ tí a ó wò ni àdéhùn ìsanwó fúnra rẹ̀, ọjọ́ tí a sì ń dá iye iṣẹ́ fún oníbàárà ni àkókò rẹ̀. Owó àsansílẹ̀ gbọ́dọ̀ tó owó òwú, ó kéré tán. Nínú àpẹẹrẹ wa, ilé ẹ̀kọ́ san ₦720,000, òwú wọn sì jẹ́ ₦960,000. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ ló ń fi ₦240,000 bá ilé ẹ̀kọ́ ra òwú. Bí a bá tún àdéhùn náà ṣe, kí wọ́n san ₦960,000 sílẹ̀, kí wọ́n san ₦720,000 nígbà tí ìdajì ìborùn bá ti dé ọwọ́ wọn, kí wọ́n sì san ₦720,000 ní ìparí, iye iṣẹ́ kò yí padà, àmọ́ ìwé ti yí padà. Ilé ẹ̀kọ́ á tún rí ìdajì ọjà gbà kí wọ́n tó san ìkejì, nítorí náà àwọn náà ní ìdí láti gbà.

Ibì kejì ni òwú. Bí a bá fi kún àdéhùn tuntun yẹn pé a rà á ní ẹ̀ẹ̀mejì, ₦480,000 ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti ₦480,000 ní Ọ̀wàrà, ìwé kejì wa, èyí tí oníbàárà ti pẹ́, á fi ₦330,000 sílẹ̀ ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ dípò gbèsè ₦390,000. Ẹ̀yin tí ẹ mọṣẹ́ ti mọ ewu tó wà níbẹ̀: òwú tí a rà lóṣù yìí àti èyí tí a rà lóṣù tó ń bọ̀ lè má jọ ara wọn ní àwọ̀, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Aláròóbọ̀ kò ní rí i nínú ilé, akẹ́kọ̀ọ́jáde á rí i lójú oòrùn. Nítorí náà àwọ̀ tí ilẹ̀ aṣọ yóò jẹ́, ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀ tín-ín-rín tí a ó fi ṣe ọnà sí i ló lè dúró di Ọ̀wàrà. Bí èyí tó lè dúró kò bá tó ₦480,000, ẹ kọ iye tó jẹ́ gan-an, kí ìwé má parọ́.

Lẹ́yìn méjèèjì ni owó yíyá. Pẹ̀lú àtúnṣe tí a ti ṣe, bí aṣọ ẹbí bá pẹ́, ₦360,000 á kù ní Ọ̀wàrà. Bí ìsanwó kejì ilé ẹ̀kọ́ bá wá wọlé ní Bélú, ₦690,000 á kù. Bí kò bá wọlé, a ó jẹ gbèsè ₦30,000 péré. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ sọ́dọ̀ olówó èlé. Bí ihò bá sì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa ń béèrè ìwé àti onídùúró, ìpàdé wọn kì í sì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ní oṣù tí owó tán ti pẹ́ jù. Ẹ béèrè ní oṣù tí owó wà lọ́wọ́, nígbà tí ìwé ti fi oṣù tí a ó gbà á àti oṣù tí a ó san án padà hàn. Bákan náà ni àjọ: bí ìwé bá ti sọ pé Ọ̀wẹ́wẹ̀ ni a ó nílò owó, Ọ̀wẹ́wẹ̀ ni ká bẹ̀bẹ̀ pé kí ọwọ́ kàn wá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ gidigidi. Àsansílẹ̀ oníbàárà kì í ṣe owó wa títí a ó fi ra òwú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó fi àsansílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ parí aṣọ ẹbí, tó wá ń dúró de àsansílẹ̀ ẹlòmíràn kí ó tó lè ra òwú ilé ẹ̀kọ́, ti wọ inú gbèsè tí kò ní orúkọ. Ìwé á máa dára, nítorí owó ń wọlé. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò ṣòro: ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣírò gbogbo àsansílẹ̀ tí ẹ kò tíì ra òwú rẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó kù. Bí owó tó kù bá kéré sí i, ẹ ti ná owó olówó. Mo dábàá pé kí ó ní àpótí tirẹ̀ tàbí ìwé báńkì tirẹ̀, kí akápò má fi ojú kan wò ó pẹ̀lú owó ẹgbẹ́.

7. Ìparí oṣù, àti ibi tí ìwé kò lè rí

Ìwé tí a kọ ní Agẹmọ tí a kò tún ṣí mọ́ kò wúlò ní Ọ̀wàrà. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, akápò á pa ìlà oṣù tó parí rẹ́, á kọ ohun tó wọlé gan-an àti ohun tó jáde gan-an síbẹ̀, á sì fi oṣù tuntun kan kún ìsàlẹ̀, kí oṣù mẹ́fà máa wà níwájú nígbà gbogbo. Níbi tí iye méjèèjì bá ti yàtọ̀, ìbéèrè kan ló gbọ́dọ̀ dáhùn: ṣé owó náà pẹ́ ni, àbí kò sí mọ́? Èyí tó pẹ́ á lọ sí oṣù mìíràn. Èyí tí kò sí mọ́, bíi ti ìyàwó tí wọ́n fagi lé tàbí iye ìborùn tí ilé ẹ̀kọ́ dín kù, á kúrò nínú ìwé pátápátá. Àṣìṣe tó ń pa ìwé ni kí owó tí kò sí mọ́ máa sún láti oṣù dé oṣù, tí gbogbo ènìyàn sì ń retí rẹ̀.

Ìwé náà kò lè rí ohun gbogbo. Ní 2023, ẹni tó kọ ìwé rẹ̀ dáadáa ní Ọ̀pẹ̀ ọdún tó ṣáájú náà bá wàhálà pàdé. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti kéde ní Ọ̀wàrà 2022 pé wọn yóò pààrọ̀ àwọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tí Èrèlé 2023 fi dé, owó tí a lè fọwọ́ kàn di ọ̀wọ́n. Oníbàárà lè ti san owó sí báńkì, kí owó wà nínú ìwé báńkì, kí ahunṣọ má sì rí i gbà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rọ àwọn akápò pé kí wọ́n pín “owó tó kù” sí méjì, èyí tó wà lọ́wọ́ àti èyí tó wà ní báńkì, nítorí àwọn kan wà tí a ń san owó fún tí wọn kì í gba àfiránṣẹ́ orí fóònù.

Lẹ́yìn náà ni Òkúdù 2023 dé, tí Báńkì Àpapọ̀ fi owó náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ sí dọ́là. Púpọ̀ nínú òwú tí a ń lò, òkè òkun ló ti ń wá. Ẹgbẹ́ tó ti dá iye fún oníbàárà ní Èbìbí, tí kò sì tíì ra òwú, rí i pé àsansílẹ̀ tó tó òwú nígbà tí wọ́n gbà á kò tó o mọ́. Nínú ìwé, ohun tí èyí kọ́ wa ni pé àlàfo tó wà láàárín ọjọ́ tí a gba àsansílẹ̀ àti ọjọ́ tí a ra òwú kò gbọdọ̀ gùn. Bí ẹ bá pinnu láti ra òwú ní ẹ̀ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi díẹ̀ lé iye ìrà kejì nínú ìwé kejì, ìyẹn ìwé tí nǹkan kò rí bí a ṣe fẹ́. Ẹ sì kọ ọ́ sára ìwé tí ẹ ń fún oníbàárà pé iye tí a dá yìí wà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, àti pé bí àsansílẹ̀ kò bá wọlé títí ìgbà náà, a ó tún jọ sọ̀rọ̀ lórí owó òwú.